Àkọlé àròkọ mi ti sọ ọ̀rọ̀ tán kí ènìyàn tó kà á

AbẹrẹÒwú kọ ọ́ pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo kọ àròkọ kan nípa ìyá mi tó jẹ́ télọ̀ ní Ìbàdàn. Ó tó ọ̀rọ̀ 1,600. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, a bá báàgì ńlá kan ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Aṣọ 17 ló wà nínú rẹ̀ tí wọn ò tíì rán, wọ́n sì fi pínnì gún ìwé pélébé tí orúkọ oníbàárà wà lára rẹ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mò ń dá aṣọ padà fún àwọn tó ni í. Ọ̀kan kò lórúkọ, kò sì sẹ́ni tó wá gbà á. Àkọlé tí mo fún un ni "Ohun Tí Ikú Ìyá Mi Kọ́ Mi Nípa Sùúrù". Ẹni tó bá mi kà á sọ pé àkọlé náà ti sọ ìtàn tán, pé kí n wá èyí tó máa ṣí ilẹ̀kùn fún òǹkàwé. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Òjò_Àárọ̀:

Àkọlé tó gùn ló ń pa àròkọ. Fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe é. "Abẹ́rẹ́". Tàbí "Àdánù". Ó parí.

ÀṣekágbáNiMoWà:

Sùpáfáísọ̀ mi ò ní gba irú èyí láéláé. Àkọlé gbọ́dọ̀ sọ ohun tí o yẹ̀ wò, ibi tí o ti yẹ̀ ẹ́ wò àti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Kọ ọ́ báyìí: "Àgbéyẹ̀wò Ipa Ikú Òbí Lórí Ọmọ Nílùú Ìbàdàn". Tí o bá lọ fi "Abẹ́rẹ́" síbẹ̀, wọ́n á dá a padà fún ọ lọ́jọ́ kan náà.

ÌyáÌbejì_Pẹ́kámù:

Ọmọ mi, àròkọ nípa màmá ẹ̀ ló ń kọ. Kì í ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Sùpáfáísọ̀ ẹ ò sí níbí, fọkàn balẹ̀.

BàbáAlálọ̀ọ́:

Òótọ́ ni ÀṣekágbáNiMoWà sọ nípa iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń wá ìwé ìwádìí fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó ṣí i, kó lè mọ̀ bóyá òun nílò rẹ̀. Àkọlé tó bá fi nǹkan pamọ́ fún un ti ṣẹ̀ ẹ́. Ti àròkọ yàtọ̀, nítorí òǹkàwé rẹ̀ kò mọ ohun tó ń wá títí yóò fi bá a pàdé lójú ọ̀nà.

Òjò_Àárọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ ni mo gbà. Gígùn kọ́ ló ń ba àkọlé jẹ́. "Àdánù" kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìtàn náà lo kàn fún pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan yẹn. Ẹ wo ìtàn tí I. B. Thomas ń tẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú *Akéde Èkó* láàárín 1929 sí 1930: *Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé*. Àkọlé yẹn gùn bí ọ̀nà Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, ta ni yóò gbọ́ "ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ" tí kò ní fẹ́ mọ bó ṣe jẹ́? "Èmi" tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ká gbọ́ ohùn obìnrin náà kí a tó ka gbólóhùn kan. Ó sọ ẹni tó ń bọ̀ fún wa, kò sọ ohun tí a máa rò nígbà tó bá lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni apàlọ́ ń ṣe. "Àlọ́ o!" "Àlọ̀!" "Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo." Ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí la gbọ́. "Ìtàn yìí kọ́ wa pé" ń bẹ ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nígbà tí àwọn ọmọdé ti ń tòògbé. AbẹrẹÒwú, ìsàlẹ̀ àlọ́ lo gbé wá sókè.

Kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ àti èyí tó kẹ́yìn síbí kí a rí i. Kí o sì sọ fún wa, kí ni màmá rẹ máa ń sọ jù ní ṣọ́ọ̀bù?

AbẹrẹÒwú:

Ẹ ṣeun sà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rèé: "Ìyá mi kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń kọ́ bí a ṣe ń ní sùúrù."

Èyí tó kẹ́yìn: "Mo ká aṣọ tí kò lórúkọ náà, mo dá a padà sínú báàgì, mo sì sọ fún obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pé kó padà wá ní Fúráìdè."

Ohun tí màmá mi máa ń sọ jù náà nìyẹn, "Ẹ padà wá ní Fúráìdè." Gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Bí aṣọ bá ti wà ní ṣíṣe tán láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Fúráìdè náà ni. Bí wọn ò tilẹ̀ tíì gé e, Fúráìdè.

Láàárọ̀ yìí mo tún kọ àkọlé mẹ́ta mìíràn sílẹ̀: "Báàgì Màmá", "Aṣọ Mẹ́tàdínlógún", "Aṣọ Tí Kò Lórúkọ".

Òjò_Àárọ̀:

Gbogbo télọ̀ ló ń sọ Fúráìdè. Tèmi sọ ọ́ fún mi ní oṣù Kejì, aṣọ ọdún Iléyá ni mo wá fi wọ̀.

Ọmọ_Aláṣọ_Òkè:

Èmi ní tèmi, mo rí àkọlé tó kún ju gbogbo èyí lọ. "Ọ̀nà Tí Abẹ́rẹ́ Bá Gbà". Ó jẹ́ òwe, ó jẹ́ iṣẹ́ màmá náà, o sì fi ìyókù sílẹ̀ kí òǹkàwé parí rẹ̀. Ṣé ìyẹn ò ṣílẹ̀kùn?

BàbáAlálọ̀ọ́:

Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n sọ fún mi, nígbà tí o kọ ọ́, kí ni ọkàn rẹ ṣe? Ó ti dáhùn "lokùn ń tọ̀" kí ìka rẹ tó kúrò lórí fóònù. Gbogbo wa la dáhùn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà òǹkàwé ti mọ̀ pé ọmọ yóò jókòó sí àga ìyá rẹ̀, yóò sì máa sọ ohun tí ìyá ń sọ. Ọgbọ́n òwe tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nìyẹn, bí o tilẹ̀ gé e sí méjì, odidi ló ń dé etí. Àkọlé àkọ́kọ́ náà ló tún padà wá, aṣọ òwe ló wọ̀.

Òwe tí ènìyàn díẹ̀ mọ̀ lè ṣiṣẹ́. Èyí tí àròkọ bá fẹ́ bá jiyàn náà lè ṣiṣẹ́: ká ní ọmọ yìí kọ̀ láti ran aṣọ, tó ta maṣíìnì, "Ọ̀nà Tí Abẹ́rẹ́ Bá Gbà" yóò dára gan-an, nítorí okùn kò tọ̀ ọ́.

Àwọn mẹ́ta tirẹ̀ ńkọ́? "Báàgì Màmá" kò ṣe nǹkan kan fún wa. Ó dárúkọ ohun kan, ohun náà sì jókòó jẹ́ẹ́. A ò ní ìdí láti bèèrè ohunkóhun nípa báàgì.

"Aṣọ Mẹ́tàdínlógún" sàn jù ú lọ. Nọ́ńbà máa ń jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ kà. Àmọ́ ẹ̀jẹ́ ni nọ́ńbà nínú àkọlé. Bí o bá ti sọ mẹ́tàdínlógún, òǹkàwé yóò máa kà á lọ lọ́wọ́, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Aṣọ mélòó lo sọ ìtàn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ 1,600?

AbẹrẹÒwú:

Mẹ́rin, sà. Áńkárá ìyàwó kan, lééṣì tí wọ́n fẹ́ fi ṣòkú, yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé kan, àti èyí tí kò lórúkọ.

BàbáAlálọ̀ọ́:

Nígbà náà, mẹ́tàlá ni òǹkàwé yóò máa wá kiri nígbà tó bá parí. Nọ́ńbà náà dára nínú ara àròkọ. Kò dára lókè.

"Aṣọ Tí Kò Lórúkọ" ló fẹ́ mú mi. Ìṣòro rẹ̀ ni pé aṣọ yẹn ni àrà tó gbẹ̀yìn nínú ìtàn rẹ. Nígbà tí o bá ń tú báàgì, tí ìwé pélébé ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, òǹkàwé ti mọ̀ pé ọ̀kan kò ní ní ìwé. Kò ní gbọ́ ti ìyàwó, kò ní gbọ́ ti olókùú. Aṣọ yẹn ló ń dúró dè.

ÌyáÌbejì_Pẹ́kámù:

Bàbá, níbẹ̀ yẹn mi ò bá yín lọ. Bí mo bá mọ̀ pé aṣọ kan wà tí kò lórúkọ, ìwé orúkọ mẹ́ta tó kù á máa ká mi lára. Màá máa rò ó pé ẹni yìí rí tirẹ̀ gbà, taa ni kò ní rí gbà? Ẹ̀rù yẹn náà jẹ́ ilẹ̀kùn.

BàbáAlálọ̀ọ́:

Ìyá, ẹ ti mú mi níbẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún òǹkàwé tó ní sùúrù. Èmi yóò ṣì fi aṣọ náà pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo "Ẹ Padà Wá ní Fúráìdè". Ohùn ènìyàn ni. Ẹnì kan ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, a ò mọ ẹni tó ń sọ ọ́, a ò mọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún. "Ẹ" yẹn kan òǹkàwé alára, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kó tó mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ni. Ìlérí sì ni. A kì í gbọ́ ìlérí ká má fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣẹ.

Kò tán síbẹ̀ o. Ẹ ka àkọlé náà, kí ẹ wá ka gbólóhùn àkọ́kọ́ tẹ̀ lé e láìdánudúró: "Ẹ Padà Wá ní Fúráìdè. Ìyá mi kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń kọ́ bí a ṣe ń ní sùúrù." Ẹ ò rí i pé àwọn méjèèjì ò mọ ara wọn? Gbólóhùn yẹn ṣì ń sìn fún àkọlé àtijọ́, "sùúrù" tí a yọ lókè ló jókòó síbẹ̀. Èyí lọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí. Wọ́n á pààrọ̀ àkọlé, wọ́n á fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Obìnrin wo ló kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ikú màmá? Ìpínrọ̀ wo ló wà?

AbẹrẹÒwú:

Ìpínrọ̀ kẹta ni. Gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni: "Obìnrin tó kọ́kọ́ dé kò tíì gbọ́ pé Màmá ti kú."

ÌyáÌbejì_Pẹ́kámù:

Yé! Orí mi wú.

BàbáAlálọ̀ọ́:

Àròkọ rẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àkọlé sọ pé ẹ padà wá, obìnrin náà padà wá, ẹni tó pè é kò sí mọ́. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá péré ló sọ ikú náà fún wa, o ò ní kí ẹnikẹ́ni sunkún.

Gé ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́ kúrò. Bí ohun kan bá wà nínú wọn tí a ò lè ṣaláìmọ̀, bí orúkọ àdúgbò tàbí ọdún tí màmá fi rán aṣọ, wá ibi tí wàá tọ́ ọ sí nísàlẹ̀. Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé kò ní ju gbólóhùn méjì lọ.

Lẹ́yìn náà, ka iye ìgbà tí "Fúráìdè" jẹ yọ nínú àròkọ náà.

AbẹrẹÒwú:

Mo ti gé e. Gbólóhùn mẹ́ta ni mo gbé sísàlẹ̀, ẹ dárí jì mí. "Fúráìdè" jẹ́ ìgbà méje.

BàbáAlálọ̀ọ́:

Ó pọ̀ jù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wà lókè, ó ti ń dún nínú gbogbo ojú ìwé. Bí o bá tún ń lù ú ní gbogbo ìpínrọ̀, yóò di agogo oníwàásù. Fi í sílẹ̀ lẹ́nu obìnrin àkọ́kọ́ yẹn, pé "Wọ́n ní kí n padà wá ní Fúráìdè", kí o sì fi í sílẹ̀ lẹ́nu tìrẹ ní ìparí. Ìyá ló sọ ọ́ nínú àkọlé, oníbàárà sọ ọ́ láàárín, ọmọ sọ ọ́ nígbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹnu mẹ́ta, kò sì ní ìtumọ̀ kan náà nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Olóòtú_Kékeré:

Mo ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé àtìgbàdégbà kan, ẹ jẹ́ kí n sọ ti apá ibi tí mo jókòó sí. Lórí fóònù, àkọlé nìkan ni ènìyàn ń rí. Bó bá rí "Ẹ Padà Wá ní Fúráìdè", ó lè rò pé ìkéde ọjà ni, yóò sì kọjá lọ. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó yẹ kó ka àròkọ yìí, kò ní mọ̀ pé tòun ni. "Ohun Tí Ikú Ìyá Mi Kọ́ Mi" máa ń mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró. Mo ti rí i lójú mi lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìméfò.

BàbáAlálọ̀ọ́:

Mi ò bá yín jiyàn lórí ohun tí ojú yín rí. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ìlà kékeré tó ń wà lábẹ́ àkọlé. Nígbà tí Ṣóyínká kọ ìwé ìgbà èwe rẹ̀ ní 1981, *Aké* ló wà lókè, orúkọ àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ayé kò gbọ́ rí. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọdún ìgbà èwe ni. Ìlà ìsàlẹ̀ sọ ohun tí ìwé náà jẹ́, tòkè wá lómìnira. AbẹrẹÒwú lè kọ "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, lẹ́yìn tó kú" sábẹ́ tirẹ̀.

AbẹrẹÒwú:

Àwọn tí mo fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ò gba ìlà ìsàlẹ̀, sà. Àkọlé kan, orúkọ òǹkọ̀wé, ó tán.

Olóòtú_Kékeré:

Ó dáa bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé wàá yàn: kí àwọn púpọ̀ ṣí i, tàbí kí àwọn tó bá ṣí i kà á dópin. Bàbá kò lè bá ọ yàn án, èmi náà ò lè bá ọ yàn án.

Ọmọ_Aláṣọ_Òkè:

Mo ti gbà pé òwe mi kò ṣiṣẹ́. Àmọ́ kí ló dé tó fi jẹ́ "Fúráìdè"? Yorùbá là ń kọ. "Ẹ Padà Wá Lọ́jọ́ Ẹtì". Ẹ sì wo ìtumọ̀ tó wà nínú rẹ̀! Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ tí nǹkan ń tì. Ìlérí tó tì. Ta ló tún fẹ́ ju ìyẹn lọ?

BàbáAlálọ̀ọ́:

Háà. Ọ̀rọ̀ gidi nìyí. Mi ò rò ó dé ibẹ̀ yẹn.

ÌyáÌbejì_Pẹ́kámù:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìrírí mi kí ẹ tó yọ̀. Mo kọ nǹkan nípa mọ́tò bàbá mi, Pijó aláwọ̀ eérú kan, fún ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa níbí. Mo pè é ní "Ọkọ̀ Bàbá Mi". Ẹni tó bá wa tẹ̀ ẹ́ yọ gbogbo àmì, ó tún fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́: OKO BABA MI. Àwọn kan rò pé oko kòkó ni, wọ́n ń bèèrè ibi tí ilẹ̀ náà wà. Àwọn kan kà á sí ohun tí mi ò lè sọ níbí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìpàdé fi parí. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá fẹ́ fún nǹkan lákọlé, màá kọ́kọ́ kọ ọ́ láìsí àmì, màá wá wò ó bí aláìmọ̀kan.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti Ẹtì. E PADA WA LOJO ETI. Ọjọ́ etí ni màá kà á sí. Mo lè rò pé dókítà etí ló ń pe ènìyàn.

Òjò_Àárọ̀:

😂 Ẹ padà wá lọ́jọ́ etí, ẹ mú òróró dání.

BàbáAlálọ̀ọ́:

Ẹ̀rín nìyẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Nǹkan kejì tó ń kọ mí lóminú nípa Ẹtì ni pé ó gbọ́n jù. Bí òǹkàwé bá mọ ìtumọ̀ náà, àkọlé ti sọ fún un pé ìlérí yóò tì, a tún ti padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò ní purọ́.

Ọmọ_Aláṣọ_Òkè:

Èmi ò gbà. Ẹni tó mọ ìtumọ̀ ẹtì kò ní rò ó títí ó fi kà á dé ìparí. Lójoojúmọ́ la ń pe ọjọ́ náà, ta ló ń rántí pé ó túmọ̀ sí nǹkan kan?

AbẹrẹÒwú:

Màmá mi ò sọ "ọjọ́ Ẹtì" rí láyé wọn àfi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní gbọ́ ohùn wọn mọ́, ohùn náà sì ni Bàbá ní kó ṣí àròkọ náà. Mo ti pinnu sí Fúráìdè. Mo ti gé àwọn tó kù sí méjì. Alẹ́ òní ni mo fẹ́ fi í ránṣẹ́.

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ọlọ́run á dá ti yín náà sí.

AbẹrẹÒwú (ọjọ́ kejì):

Ẹ má bínú, mo tún dé. Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Mo ka àkọlé náà fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Fúráìdè kẹ̀? Sátidé ni Màmá máa ń sọ."

Ogún ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi fi bá wọn jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Èmi, ìgbà ọlidé nìkan ni.

ÌyáÌbejì_Pẹ́kámù:

Ìwé orúkọ àwọn oníbàárà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ, àbí? Pè wọ́n.

AbẹrẹÒwú:

Mo ti pe méjì. Ọ̀kan ní Fúráìdè. Ọ̀kan ní, "Ọjọ́ wo ni wọn ò sọ?"